Mẹ́séèjì LinkedIn sí rikúrútà: ṣé kí n kàn da lẹ́tà ímeèlì mi síbẹ̀ ni?

Adùnní_Mayfair

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan kí n tó fi nǹkan ránṣẹ́. Mo ti parí àgùnbánirọ̀, sáyẹ́ǹsì oúnjẹ ni mo kà ní OAU níbí, mo wá rí i tí rikúrútà kan kéde iṣẹ́ kọ́líìtì kọntíróòlù lórí LinkedIn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu ni, Agbára ló wà. Ó kọ ímeèlì sísàlẹ̀ ìkéde yẹn pé ibẹ̀ ni kí wọ́n fi sífíì sí, ó dẹ̀ tún sọ pé ẹni tó bá ní ìbéèrè lè kọ̀wé sóun nínú mẹ́séèjì. Mo ti ní lẹ́tà tí mo kọ, ojú ìwé kan gbáko, ó bẹ̀rẹ̀ láti àdírẹ́ẹ̀sì ilé wa, ó parí síbi tí mo ti buwọ́ lù ú. Ṣé kí n kàn dà á síbẹ̀ bó ṣe wà, àbí ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ti mẹ́séèjì? Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ o, mo kàn yí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sí Yorùbá ká lè jọ wò ó:

"Sí Ọ̀gá Agbanisíṣẹ́. Mo lérò pé ara yín le, pé lẹ́tà yìí sì bá yín ní àlàáfíà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí láti fi ìfẹ́ mi hàn sí ipò Òṣìṣẹ́ Kọ́líìtì Kọntíróòlù ní ilé iṣẹ́ ńlá yín tó lórúkọ. Akíkanjú ni mí, mo lè ṣiṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀..."

Ó ṣì ku bí ìpínrọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn.

Ìjẹ̀ṣà_Àdétí

Má dà á síbẹ̀ o jàre. LinkedIn ò yàtọ̀ sí Wọ́tsáàpù, kúkúrú ni wọ́n ń fẹ́. "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé iṣẹ́ yẹn ṣì wà?" ìyẹn ti tó. Tó bá dá ẹ lóhùn tán o wá máa ṣàlàyé ara ẹ díẹ̀díẹ̀. LinkedIn fúnra wọn ti sọ ọ́ pé InMail tí ò bá tó 400 lẹ́tà ni wọ́n máa ń dáhùn jù. Nóòtì tó o máa kọ tó o bá fẹ́ kọnẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹ̀, 300 lẹ́tà ni, má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Adùnní, ẹ kú ìmúra. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe jẹun, mò ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wá èèyàn, láti ilé mi ní Lagere níbí ni mo ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí láti ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Ìjẹ̀ṣà gba ìdajì. Òótọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ kúrú, àmọ́ èyí tó kọ yẹn ò ní nǹkan kan nínú. Tí mo bá gba "ṣé iṣẹ́ yẹn ṣì wà", èmi ni mo máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé iṣẹ́ wo, torí pé iṣẹ́ tí mò ń wá èèyàn sí lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ẹyọ kan, ìwọ ta ni, kí lo kà, ibo lo wà. Gbogbo ìyẹn ti di iṣẹ́ sí mi lọ́rùn, mo dẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún èèyàn míì tó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ 400 lẹ́tà yẹn náà, òótọ́ ni LinkedIn sọ ọ́, ṣùgbọ́n InMail tí àwa rikúrútà ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tá a fẹ́ gbà ni wọ́n wò, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ń kọ sí wa. Kò burú láti fi ṣe ìwọ̀n, àmọ́ kí ẹ mọ ibi tó ti wá. Nóòtì kọnẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, 300 yẹn ti àwọn tó ń san owó Premium ni, ẹni tí ò sanwó, 200 lẹ́tà ló ní, iye nóòtì tó lè kọ lóṣù dẹ̀ níye, torí náà ẹ má fi ṣòfò.

Ohun tó jẹ́ kí méjèèjì yàtọ̀ rèé. Tí mẹ́séèjì yín bá wọlé, orúkọ yín, fọ́tò yín àti hẹ́dílaìnì yín ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí mo bá tẹ orúkọ yẹn báyìí mo ti rí ilé ìwé àti ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Nítorí náà àdírẹ́ẹ̀sì ilé, "orúkọ mi ni báyìí", "mo jáde ní yunifásítì báyìí lọ́dún báyìí", purofáìlì ti sọ gbogbo ẹ̀. Ohun tí purofáìlì ò lè sọ ni mẹ́séèjì wà fún: iṣẹ́ wo lẹ torí ẹ̀ kọ̀wé, kí ni ẹ ti ṣe tó bá iṣẹ́ yẹn mu gan-an, àti kí lẹ fẹ́ kí n ṣe. Mẹ́ta péré.

Ímeèlì ní tiẹ̀, ó dá dúró ni. Mo lè fi ránṣẹ́ sí máníjà ilé iṣẹ́ ní Agbára, ẹni tí ò ní ṣí LinkedIn yín láéláé, ímeèlì yẹn àti sífíì tó wà lára ẹ̀ nìkan ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí ímeèlì fi gbọ́dọ̀ ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó dárúkọ iṣẹ́, ìkíni tó pé, ẹni tí ẹ jẹ́, ìrírí, nọ́ńbà fóònù, orúkọ yín lódindi nísàlẹ̀. Kò tún gbọ́dọ̀ di ìwé o, bí ìpínrọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí n lè kà á tán láìfi ọwọ́ fa ojú fóònù sókè púpọ̀.

Bàbá_Tíṣà_Ilésà

Ẹ kú ìdáhùn, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ tó bá kọ̀wé sí àgbà láìkí i dáadáa, ojú wo la fẹ́ fi wò ó? Tiṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, ìkíni ló ń ṣíwájú. Mo ń rí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lórí ayélujára tí wọ́n ń kọ "Hẹ̀lóò Fúnmi" sí ẹni tó ju ìyá wọn lọ. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Bàbá, ẹ ṣé sà. Èmi náà ò ní kí wọ́n má kí wa. Ìkíni dáa, ibi tó ń dúró sí ló ń yọ àwa lẹ́nu. Ẹ ò rí i, tí mẹ́séèjì bá wọlé, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni fóònù ń gbé jáde lójú notifikéṣàn. Tí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn bá jẹ́ "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, mo lérò pé ara yín le, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́", kò tíì sí ohun tó sọ fún mi pé iṣẹ́ Agbára ni, màá ní màá padà wá kà á, ibi tó máa sùn sí nìyẹn. Ẹni tó tún ń ṣe jùyẹn lọ ni ẹni tó máa kọ "Ẹ káàárọ̀ mà" tó máa dákẹ́, tó ń dúró kí n kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà láìfọhùn. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ló rò pé òun ń hù, ilé la ti kọ́ ọ, a kì í já lu àgbà. Àmọ́ ó ti ránṣẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Kí ó kí mi lẹ́ẹ̀kan, kó wá máa bá ọ̀rọ̀ lọ nínú mẹ́séèjì kan náà, ọ̀rọ̀ márùn-ún ìkíni ti tó.

Ti orúkọ ní tiẹ̀, èmi ò bínú sí ẹni tó bá pè mí lórúkọ, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí l'Ékòó ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó máa ń bínú. Ẹni tí ò bá mọ èyí tí ẹni yẹn jẹ́, kó lo "mà" tàbí "sà", kò sí ẹni tó ṣubú nítorí ìyẹn. Nínú ímeèlì ní tiẹ̀ mi ò ní gbà fún yín láti fi orúkọ nìkan pè mí, orúkọ ìdílé ni kó wà níbẹ̀, ṣáájú ẹ̀ kí ẹ fi Ìyáàfin tàbí Ọ̀gbẹ́ni sí i.

Bàbá_Tíṣà_Ilésà

Ti "mà" àti "sà" yẹn, mo gbà. Ti orúkọ nìkan yẹn, mi ò tíì gbà.

Akin_Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ kọ̀wé sí purofésọ̀ kan ní Kánádà pé kó gbà mí sábẹ́ ẹ̀ fún másítà, mo rí i lórí LinkedIn. Ṣé kí n ṣe é ní kúkúrú bẹ́ẹ̀ kí n má fi sífíì sí i? Mo ti kọ̀wé sí àwọn mẹ́ta báyìí, kò sẹ́ni tó fèsì.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Akin, tiyín yàtọ̀ sí ti Adùnní. Púpọ̀ nínú àwọn purofésọ̀ kì í ṣí LinkedIn wọn lójoojúmọ́, ojú wẹ́bùsáìtì yunifásítì wọn ni ímeèlì wọn máa ń wà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí, ímeèlì tó pé ni, sífíì àti èsì ìdánwò máa wà lára ẹ̀. Ẹ ya ọ̀rọ̀ tiyín sọ́tọ̀ sí ìjíròrò tuntun, àwọn tó ti lọ òkè òkun fún másítà níbí á dá yín lóhùn jù mí lọ.

Adùnní_Mayfair

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti gé e báyìí. Nóòtì kọnẹ́ẹ̀tì rèé, mi ò ní Premium:

"Ẹ káàsán mà. Mo rí ìkéde iṣẹ́ kọ́líìtì kọntíróòlù yín ti Agbára. Sáyẹ́ǹsì oúnjẹ ni mo kà ní OAU, iṣẹ́ náà wù mí púpọ̀, inú mi á dùn tí ẹ bá lè ràn mí lọ́wọ́ láti rí i gbà."

Ó dáa báyìí àbí?

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Ìdajì àkọ́kọ́ dáa gan-an. Ìparí ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ yọ. "Ràn mí lọ́wọ́ láti rí i gbà", mi ò lè dá a lóhùn, torí pé kì í ṣe ọwọ́ mi ni gbígbà wà, ilé iṣẹ́ ló ń mú ẹni tó wù ú. Ohun tí rikúrútà lè dáhùn nínú gbólóhùn kan ni kí ẹ bi í. Ẹ padà lọ wo ìkéde yẹn dáadáa, kí lẹ rí níbẹ̀ tí kò yé yín?

Adùnní_Mayfair

Wọ́n ní ìrírí ọdún kan. Èmi ò tíì ṣiṣẹ́ rí yàtọ̀ sí àítíì oṣù mẹ́fà tí mo ṣe nílé iṣẹ́ ohun mímu kan n'Ílésà, àti ibi tí mo ti sìnrú ìlú, yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n fi mí sí níbẹ̀ náà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa kà á mọ́ ọn.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Ìbéèrè yín nìyẹn! Ìbéèrè gidi ni, ó kúrú, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ló máa fi dáhùn, ó dẹ̀ ti sọ fún un láìfọ́nnu pé ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò rí. Kí nóòtì yẹn di báyìí:

"Ẹ káàsán mà. Iṣẹ́ kọ́líìtì kọntíróòlù Agbára ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo ní àítíì oṣù mẹ́fà nílé iṣẹ́ ohun mímu. Ṣé àítíì wà lára ọdún kan tí ẹ béèrè?"

Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹ kà á, á wọ inú 200 yẹn dáadáa. Tó bá ti gbà yín, tí ẹ ti di kọnẹ́kṣọ̀n, àyè wá pọ̀, àmọ́ ẹ má tìtorí àyè kún un. Èyí ni mo máa kọ tó bá jẹ́ èmi:

"Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí mà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́líìtì kọntíróòlù Agbára ni. Nígbà àítíì mi, èmi ni mo ń wọn pH àti ìwọ̀n ṣúgà ohun mímu lórí láìnì kí wọ́n tó dé ìgò, tí kò bá bára mu mo máa ń pe súpáfáísọ̀ kí wọ́n dá láìnì dúró. Mo tún ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sìnrú ìlú. Mo ti fi sífíì mi ránṣẹ́ sí ímeèlì tó wà nínú ìkéde lónìí. Ṣé wọ́n máa ka àítíì àti àgùnbánirọ̀ mọ́ ọdún kan yẹn?"

Ẹ wò ó, kò sí "akíkanjú", kò sí "mo lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀". Gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹni tó ní òun pe súpáfáísọ̀ kí wọ́n dá láìnì dúró, ẹni tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìnì rí ni, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kọ́líìtì máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òótọ́ ni kí ó jẹ́ ṣá o, torí wọ́n máa bi yín nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé pH mélòó ni wọ́n fẹ́, kí lẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ìjẹ̀ṣà_Àdétí

Mo ti gbà báyìí. Ṣùgbọ́n ṣé kò ní dáa kó pín in sí méjì mẹ́ta, ìkíni lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tẹ̀ lé e, ìbéèrè gbẹ̀yìn, báyẹn kò ní jọ lẹ́tà. Bí èmi ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Rárá o. Fóònù mi máa ń dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo bá ṣí i nígbà tí ẹ ṣì ń kọ èkejì, ìkíni nìkan ni mo máa bá níbẹ̀. Odindi ni kí ó wọlé. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà kí ó ṣọ́ra fún Enter náà, tí wọ́n bá ti sètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti bọ́ sí ìlà tuntun, ó ti lọ nìyẹn pẹ̀lú ìdajì gbólóhùn. Ẹ kọ ọ́ síbòmíì kí ẹ tó gbé e síbẹ̀. Ẹ ṣì lè tún un ṣe láàárín 60 ìṣẹ́jú, àmọ́ á hàn sí i pé ẹ tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ pé ó ti kà á.

Adùnní_Mayfair

Ìmọ̀ràn yín yé mi mà. Ímeèlì wá ńkọ́? Ṣé kí n fi lẹ́tà mi àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ bó ṣe wà?

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Ẹ gé òun náà díẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ilé tó wà lókè yẹn, lẹ́tà orí bébà ló ni ín, ẹ yọ ọ́. Kí sọ́bújẹ́ẹ̀tì jẹ́ orúkọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nínú ìkéde, kí ẹ fi Agbára àti orúkọ yín tẹ̀ lé e. Tí nọ́ńbà bá wà lórí ìkéde kí ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀. "Sí Ọ̀gá Agbanisíṣẹ́" kúrò, "Ìyáàfin" àti orúkọ ìdílé ẹ̀ wọlé.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ wo àti ibi tí ẹ ti rí i. Ìkejì ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìtàn láìnì yẹn ni, ṣùgbọ́n níbí ẹ lè fẹ̀ ẹ́ lójú: irú ohun mímu wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó ní wákàtí kan ni ẹ ń mú sámpùlù, àwọn ìwé wo lẹ ń kọ èsì sí, kí lẹ tún ṣe nígbà àgùnbánirọ̀. Mẹ́séèjì ò lè gba ìyẹn, ímeèlì lè gbà á, máníjà tó máa kà á dẹ̀ nílò ẹ̀. Ìkẹta, ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àti pé ẹ ti ṣe tán láti kó lọ sí Agbára, torí ẹni tó bá rí Ilé-Ifẹ̀ lórí sífíì á kọ́kọ́ rò ó pé ọ̀nà jìn. Nísàlẹ̀ kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí i. Sífíì ní PDF, kí orúkọ fáìlì jẹ́ orúkọ yín, kó má jẹ́ "sífíì tuntun ìkẹyìn 2".

Ohùn ímeèlì máa rọra le ju ti mẹ́séèjì lọ. Nínú mẹ́séèjì ẹ lè sọ pé "ẹ ṣé tí ẹ gbà mí", nínú ímeèlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́ fún àkókò tí wọ́n fi kà á ni. Ẹ má fi "mo ń retí yín kíákíá" sínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ ná, kí ẹ tó fi mẹ́séèjì ránṣẹ́. Ìkéde ti sọ pé ímeèlì ni wọ́n ń gba sífíì sí, ímeèlì yẹn ni wọ́n máa kà kún ìbéèrè fún iṣẹ́. Mẹ́séèjì kàn ń tọ́ka sí i ni, ẹ má fi sífíì sára ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ mẹ́séèjì nìkan, tó rò pé òun ti ápíláì, orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò rárá.

Ọlọ́mọ_Ìpetumodù

Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá wá dákẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́? Ọkọ mi kọ̀wé sí ẹnì kan, ó rí i pé ó ti kà á, kò fèsì.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Kó dúró bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kọ ìkejì, sábẹ́ mẹ́séèjì kan náà, kó má kọ tuntun, kó má tún ìtàn sọ, gbólóhùn kan pé òun ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i. Tó bá tún dákẹ́, kó fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ímeèlì, kó fèsì sí èyí tó kọ tẹ́lẹ̀ yẹn kó lè wà pọ̀.

Ìjẹ̀ṣà_Àdétí

Ẹyọ kan ṣì kù tí mi ò gbà lọ́dọ̀ yín mà. Ẹ ní kí ó má fi sífíì sára mẹ́séèjì. Èmi máa ń fi í sí i, torí tí ẹni yẹn bá fẹ́ wò mí kó má tún máa wá ímeèlì kiri. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, sífíì tó fi ránṣẹ́ nínú mẹ́séèjì yẹn ni wọ́n fi pè é.

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Mi ò ní ó burú nígbà gbogbo. Tí rikúrútà bá béèrè fún un, tàbí tí ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́. Ti ìgbà àkọ́kọ́ ni mo sọ, èmi kì í ṣí fáìlì ẹni tí n ò mọ̀ lórí fóònù mi, àwọn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dẹ̀ máa ń ṣí i. Kò dọ́gba.

Bàbá_Tíṣà_Ilésà

Èmi fara mọ́ ọmọ Àdétí lórí ìyẹn. Ìgbà tí mò ń gba tíṣà sílé ìwé, ẹni tó bá mú ìwé ẹ̀ dání wá ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Adùnní_Mayfair

Ímeèlì ti lọ báyìí, PDF wà lára ẹ̀. Nóòtì ti lọ náà, láìsí sífíì. Tó bá gbà mí, tó dẹ̀ ní àítíì ò sí lára ọdún kan yẹn, ṣé kí n ṣì bi í pé bóyá iṣẹ́ míì wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Lagere

Ẹ bi í, nínú ìdáhùn yẹn kan náà. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ó ṣàlàyé, kí ẹ wá sọ irú iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe, "yàrá àyẹ̀wò tàbí orí láìnì", kó má jẹ́ "iṣẹ́ èyíkéyìí".